Kòtéṣọ̀n Púlọ́ńbà: Ẹ Kà Á Tán Kí Ẹ Tó Ka Owó!

Ẹni tó bá ń kọ́lé ní ọ̀nà Ọ̀dà l'Ákùúrẹ́ lónìí mọ̀ pé iṣẹ́ bíríkìlà kì í fi bẹ́ẹ̀ fara sin. Búlọ́ọ̀kù ṣeé kà, páànù ṣeé kà. Ẹni tí kò lọ sílé ìwé pàápàá lè dúró nídìí ilé rẹ̀ kó ka àpò sìmẹ́ńtì tó kù nílẹ̀. Ṣùgbọ́n pàìpù omi kò rí bẹ́ẹ̀ o. Inú ògiri àti abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbé. Sìmẹ́ńtì á bò ó, táìsì á tún bo sìmẹ́ńtì. Ọjọ́ tó bá ń jò ni onílé máa tó mọ ohun tí òun rà.

Nítorí náà, ìwé tí púlọ́ńbà máa ń kọ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní kòtéṣọ̀n, òun nìkan ni ojú tí onílé ní láti fi rí inú ògiri. Ẹni tó bá fò ó, tó kàn wo iye owó tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó ti di ojú ara rẹ̀ nìyẹn.

Ìwé méjì, ilé kan

Ẹ jẹ́ ká fi ilé ìyá aláṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́ ló ti ń ta àǹkárá, tó fi owó àjọ àti owó kópéréetíìfù kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta sí ọ̀nà Ọ̀dà. Balùwẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà nínú yàrá ìyá fúnra rẹ̀, èkejì wà fún àwọn ọmọ àti àlejò. Àwọn balùwẹ̀ méjèèjì fẹ̀yìn ti ara wọn, ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Ilé ìdáná wà ní apá kejì ilé. Kànga wà ní iwájú, táńkì orí òpó sì máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Púlọ́ńbà méjì ló pè. Ti àkọ́kọ́ kọ ìwé ojú kan péré. Ohun tó kọ síbẹ̀ kò ju èyí lọ: pàìpù omi, pàìpù ìdọ̀tí, fítíǹgì, tápù, àwo tọ́ílẹ́ẹ̀tì 2, básíǹ ìfọwọ́ 2, síǹkì 1, owó iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló fa ìlà, ó kọ iye owó kan ṣoṣo sísàlẹ̀. Ti èkejì kọ ojú ìwé mẹ́ta gbáko, owó tirẹ̀ sì ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa.

Ta ni kò ní mú ti àkọ́kọ́? Ìyá náà fẹ́ mú un. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ bi púlọ́ńbà kejì léèrè: "Ọmọ mi, kí ló dé tí tìẹ fi wọ́n tó báyìí? Ilé kan náà mà ni."

Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ẹ wo ìwé tiwọn yẹn. Pàìpù mélòó ni wọ́n kọ síbẹ̀? Títóbi rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin náà ò lè ta àǹkárá fún èèyàn kẹ́ ẹ kàn kọ 'aṣọ' sórí rìsíìtì. Ọ̀pá mélòó? Irú èwo?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ ìyá náà létí, nítorí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ ni. Ìwé tí kò ní iye ọ̀pá àti títóbi pàìpù nínú, kò sí bí onílé ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò. Bí púlọ́ńbà bá ra pàìpù tẹ́ẹ́rẹ́ dípò èyí tó nípọn, kò tíì purọ́, nítorí "pàìpù" náà ló sáà kọ.

Ẹ ka ojú omi

Ibi tí kòtéṣọ̀n gidi ti ń bẹ̀rẹ̀ ni kíka ojú omi, tí àwọn púlọ́ńbà ń pè ní pọ́íntì. Pọ́íntì ni ibikíbi tí omi máa ti jáde. Onílé lè kà á fúnra rẹ̀, kó rìn káàkiri inú ilé pẹ̀lú bírò àti ìwé.

Nínú balùwẹ̀ kan, àwo tọ́ílẹ́ẹ̀tì gba ojú omi 1, básíǹ gba 1, ṣáwà gba 1, tápù ìsàlẹ̀ tí a ó máa gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí gba 1. Ìyẹn jẹ́ 4. Balùwẹ̀ méjì jẹ́ 8. Síǹkì ilé ìdáná mú un di 9, tápù ìta tí a fi ń fọ aṣọ sì mú un di 10. Ojú omi 10 ni ilé ìyá aláṣọ wa. Bí ó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ omi gbígbóná sí yàrá rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, àfi kó sọ ọ́ báyìí, nítorí básíǹ àti ṣáwà máa gba pàìpù kejì, inú ògiri náà sì ni pàìpù ọ̀hún máa gbà kí wọ́n tó rẹ́ ẹ.

Iye ojú omi yìí ni kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí àwọn ìlà tó kù nínú ìwé. Ojú omi kọ̀ọ̀kan gba ẹ́líbò onírin kan, èyí tí wọ́n máa ń yí tápù mọ́. Ojú omi 10, ẹ́líbò onírin 10. Tíì ńkọ́? Tíì ni oríta pàìpù, ibi tí ọ̀nà kan ti di méjì. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni omi ń gbà sọ̀ kalẹ̀ láti inú táńkì. Ní gbogbo ìgbà tó bá pàdé oríta kan, ọ̀nà kan á lé sí i. Kí ọ̀nà kan tó lè di 10, oríta 9 ló máa pàdé. Nítorí náà, tíì máa ń fi ẹyọ kan dín sí ojú omi. Bí púlọ́ńbà bá kọ 11 nítorí ìfọ́ àti àṣìṣe, kò burú. Bí ó bá kọ 25, ẹ bi í pé oríta ibo ni gbogbo ìyókù wà.

Ẹ wọn pàìpù

Pàìpù tí púlọ́ńbà kejì kọ ni pí-pí-ààrì, èyí tí wọ́n ń fi iná jó pọ̀, tí kò nílò gọ́ọ̀mù. Gígùn ọ̀pá kan rẹ̀ jẹ́ mítà 4. Ó lo téèpù láti fi wọn ọ̀nà tí omi máa gbà. Láti ìdí táńkì sọ̀ kalẹ̀, ó mítà 4; láti ibẹ̀ dé ara ilé, ó mítà 6. Mítà 10 nìyẹn. Ọ̀nà ńlá ni, nítorí náà ó kọ pàìpù mìlímítà 32 síbẹ̀, èyí tí ọjà ń pè ní ínǹṣì kan. Ọ̀pá 3 á kárí, díẹ̀ á ṣẹ́ kù.

Láti ibẹ̀ dé ẹ̀yìn balùwẹ̀ jẹ́ mítà 5, dé ilé ìdáná jẹ́ mítà 9. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 14. Ibí yìí gba mìlímítà 25, èyí tí wọ́n ń pè ní tírí-kọ́tà, ọ̀pá 4. Àwọn ẹ̀ka kéékèèké tó ń lọ sí ojú omi kọ̀ọ̀kan gba mìlímítà 20, tí wọ́n ń pè ní ááfù. Ó fi mítà kan àti ààbọ̀ sí ojú kọ̀ọ̀kan, ojú mẹ́wàá á jẹ́ mítà 15. Ọ̀pá 4 á tó o, ṣùgbọ́n mítà kan péré ló máa kù, ó sì fi ọ̀pá 1 lé e. Ó di 5.

Ohun tí onílé máa ṣọ́ níbí ni èyí. Ìta pàìpù pí-pí-ààrì ni nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ń sọ, kì í ṣe ihò inú rẹ̀. Mìlímítà 20 tó nípọn dáadáa, ihò rẹ̀ kò ju bíi mìlímítà 13 lọ. Bí púlọ́ńbà bá fi mìlímítà 20 rọ́pò 25 lójú ọ̀nà gígùn, owó rẹ̀ á wálẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ọjọ́ tí ẹnìkan bá ṣí tápù ilé ìdáná nígbà tí ẹlòmíràn ń wẹ̀, omi ṣáwà á kàn máa kán tó-tó-tó. Onílé á máa bú táńkì, pàìpù ló sì ṣẹ̀.

Kí ẹ tún wò ó pé àwọn balùwẹ̀ ìyá yìí fẹ̀yìn ti ara wọn. Èyí ló jẹ́ kí pàìpù rẹ̀ kúrú. Ẹni tó bá fi balùwẹ̀ kan sí ìlà oòrùn ilé, tó fi èkejì sí ìwọ̀ oòrùn, ìwé tirẹ̀ á gùn jù èyí lọ, kì í ṣe pé púlọ́ńbà ń rẹ́ ẹ jẹ.

Òórùn tó ń jáde nínú balùwẹ̀

Pàìpù ìdọ̀tí ni ibi tí ìwé púlọ́ńbà àkọ́kọ́ ti fẹ́ ṣe ìyá léṣe jù. Ó kọ "pàìpù ìdọ̀tí", ó kọjá lọ. Kò kọ tráàpù kankan, kò sì kọ pàìpù afẹ́fẹ́.

Tráàpù ni ibi tí pàìpù ti tẹ̀ bíi kọ́rọ́bọ̀tọ̀ tí omi díẹ̀ fi ń dúró síbẹ̀ nígbà gbogbo. Omi tó dúró yẹn ni ilẹ̀kùn tó ń dí òórùn ṣálángá. Inú àwo tọ́ílẹ́ẹ̀tì ti ní tirẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ṣùgbọ́n básíǹ kọ̀ọ̀kan gba 1, síǹkì gba 1, ihò omi ilẹ̀ balùwẹ̀ kọ̀ọ̀kan gba 1. Fún ilé yìí, ó jẹ́ 5. Bí kò bá sí i, ènìyàn lè fi òórùn dídùn wọ́n balùwẹ̀ láti àárọ̀ dálẹ́, òórùn kòtò á ṣáà máa gba ihò ilẹ̀ wọ yàrá.

Pàìpù afẹ́fẹ́ ni èyí tó gòkè kọjá páànù, tí kò gbé omi rárá. Àwọn onílé máa ń rò pé àṣejù ni. Kì í ṣe àṣejù. Bí omi púpọ̀ bá já wìì láti inú tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ó máa ń fa afẹ́fẹ́ tẹ̀lé ara rẹ̀. Bí kò bá rí afẹ́fẹ́ fà láti òkè, á fa omi inú tráàpù básíǹ jáde. Ilẹ̀kùn òórùn ti ṣí nìyẹn. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n: ẹ da omi sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì tẹ́tí sí básíǹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá dún gbulu-gbulu-gbulu, afẹ́fẹ́ kò tó.

Púlọ́ńbà kejì ka pàìpù ìdọ̀tí náà mítà sí mítà. Pàìpù ìdọ̀tí tirẹ̀ jẹ́ mítà 6 ní ọ̀pá kan. Èyí tó jẹ́ ínǹṣì 4: láti tọ́ílẹ́ẹ̀tì méjèèjì dé ṣáńbà, mítà 4, ṣáńbà dé séfítíìkì, mítà 8, séfítíìkì dé sókàwéè, mítà 4, omi ìwẹ̀ àti ti síǹkì tó ń lọ tààrà sí sókàwéè, mítà 10, afẹ́fẹ́, mítà 4. Mítà 30 ló jẹ́, ọ̀pá 5 géérégé. Ó kọ 6, nítorí pé bí wọ́n bá gé e, ó ń ṣòfò. Ti ínǹṣì 2 jẹ́ mítà 12, ọ̀pá 2. Ó kọ 3. Ẹ má gbàgbé láti fi téèpù wọn ọ̀pá pàìpù ní ìsọ̀ kí ẹ tó sanwó, torí òmíràn kì í pé mítà 6.

Pàìpù ínǹṣì 4 yìí gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ púlọ́ńbà ń tẹ̀ lé ni sẹ̀ǹtímítà 2 àti ààbọ̀ fún mítà kan. Mítà 8 sí séfítíìkì gbọ́dọ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 20 rẹlẹ̀ sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Kó tó bò ó, ẹ ní kó gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé e lójú yín.

Ọ̀rọ̀ kànga náà wà níbẹ̀. Ìmọ̀ràn tí àwọn onímọ̀ ìlera ń tẹ̀ lé ni pé kí sókàwéè jìnnà sí kànga tó mítà 30, ó kéré tán. Pílọ́ọ̀tì wa tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, gígùn rẹ̀ kò ju bíi mítà 30 lọ. Ìyẹn ni pé kànga gbọ́dọ̀ wà ní igun kan, kí sókàwéè wà ní igun tó kọjú sí i pátápátá. Kí ẹ sì yọjú wo ibi tí kànga aládùúgbò wà. Bí àyè kò bá gbà á, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí "àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ" ń jẹ

Nígbà tí ìyá náà fi ìwé méjèèjì lé ara wọn, ó rí i pé tráàpù 5 kò sí nínú ti àkọ́kọ́. Géètì fáàfù 4 kò sí níbẹ̀: ọ̀kan ní ìdí táńkì, ọ̀kan fún balùwẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún ilé ìdáná, kí ó má baà di pé tápù kan bà jẹ́, kí gbogbo ilé gbẹ. Áńgù fáàfù tó wà lábẹ́ básíǹ àti tọ́ílẹ́ẹ̀tì kò sí. Téèpù funfun, gọ́ọ̀mù àti kílíìpù kò sí. Owó mọ́tò kò sí. Ta ni yóò gbẹ́ ilẹ̀? Ta ni yóò dí ògiri tí wọ́n là? Kò sọ.

Ó pe púlọ́ńbà àkọ́kọ́, ó sì bi í. Ó fèsì pé, "Màmá, ìyẹn ò ṣòro. Tí a bá débẹ̀, a máa sọ."

"Tí a bá débẹ̀" yìí ni owó ń gbà jáde. Wọ́n á ti la ògiri, wọ́n á ti gbẹ́ ilẹ̀, kò ní ṣeé ṣe mọ́ láti pe ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n ṣírò gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù yìí mọ́ owó ti àkọ́kọ́, ó kọjá ti èkejì.

Ẹ wo bí apá kan ìwé púlọ́ńbà kejì ṣe rí:

Pàìpù pí-pí-ààrì mìlímítà 32: ọ̀pá 3
Pàìpù pí-pí-ààrì mìlímítà 25: ọ̀pá 4
Pàìpù pí-pí-ààrì mìlímítà 20: ọ̀pá 5
Ẹ́líbò onírin: 10
Tíì: 11
Géètì fáàfù: 4
Pàìpù ìdọ̀tí ínǹṣì 4: ọ̀pá 6
Pàìpù ìdọ̀tí ínǹṣì 2: ọ̀pá 3
Tráàpù: básíǹ 2, síǹkì 1, ihò ilẹ̀ 2
Owó iṣẹ́ títò pàìpù: lọ́tọ̀
Owó iṣẹ́ gbígbé àwo àti tápù síbẹ̀: lọ́tọ̀
Iye yìí dúró fún ọjọ́ 7.

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn kì í ṣe ìwà ìmẹ́lẹ́. Owó ọjà ń yí padà. Bí onílé bá gbé ìwé pamọ́ fún oṣù mẹ́ta, kò lè fi iye àtijọ́ dè é.

Ẹ má ra àwo ṣáájú ọjọ́

Iṣẹ́ púlọ́ńbà pín sí ọ̀nà méjì. Wọ́n á kọ́kọ́ to pàìpù kí wọ́n tó rẹ́ ògiri. Lẹ́yìn táìsì ni wọ́n á tó gbé àwo, básíǹ àti tápù síbẹ̀. Nítorí náà, ẹ ra ohun èlò ní ẹ̀ẹ̀mejì. Àwo tó dúró nínú ilé tí kò ní ilẹ̀kùn máa ń fọ́, tàbí kó fẹsẹ̀ fẹ. Àmọ́ ẹ yan irú àwo náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé, torí pé àwọn kan ń da ìdọ̀tí sí ilẹ̀, àwọn kan ń dà á sí ògiri. Bí wọ́n bá to pàìpù fún ọ̀kan, tí ẹ wá ra èkejì, wọ́n á tún ilẹ̀ fọ́.

Láàárín ìpín méjèèjì ni ìdánwò wà, ó sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Fún pí-pí-ààrì, iná tó gbóná tó ìwọ̀n 260 ni wọ́n fi ń jó o, bíi ìṣẹ́jú àáyá 5 fún mìlímítà 20, 7 fún 25. Bí wọ́n bá yára mú un kúrò, ó lè jò. Bí ó bá pẹ́ jù tí wọ́n sì tì í wọlé jù, ike tó yọ́ á dí ihò inú rẹ̀, omi kò ní lè kọjá dáadáa. Ojú kò lè rí èyí láti ìta. Kí púlọ́ńbà dí gbogbo ojú omi, kó fi ẹ̀rọ ọwọ́ ti omi sínú rẹ̀, kí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún wákàtí kan. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà kò gbọ́dọ̀ já wálẹ̀. Ẹni tó ní "omi táńkì náà tó fún ìdánwò" kò sọ gbogbo òótọ́. Táńkì tó ga ní mítà 4 kò ti omi ju báà 0.4 lọ. Ẹ̀rọ ìdánwò lè tì í dé báà 10, ibẹ̀ ni ojú tí kò jó pọ̀ dáadáa á ti jẹ́wọ́.

Ohun tí ìyá náà fi parí ọ̀rọ̀

Ìyá aláṣọ mú púlọ́ńbà kejì, ṣùgbọ́n kò mú un lásán. Ó ní òun á bá a lọ sí ìsọ̀, rìsíìtì á sì jẹ́ orúkọ òun. Ó pín owó iṣẹ́ sí mẹ́ta: ìdá kan nígbà tí wọ́n bá kó pàìpù débẹ̀, ìdá kejì ní ọjọ́ tí ìdánwò bá yege, ìdá kẹta lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n bá ti ń lo omi nínú ilé.

Púlọ́ńbà rẹ́rìn-ín. "Màmá, ọ̀sẹ̀ méjì kẹ̀? Ẹ ò gbà mí gbọ́ ni?"

Ìyá ní, "Mo gbà ẹ́ gbọ́, ọmọ mi. Pàìpù ni mi ò tíì gbà gbọ́."

Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, wọ́n kọ déètì. Ìyá mú ẹ̀dà kan, púlọ́ńbà mú ẹ̀dà kan. Ìyá tún ní kó ya àwòrán ibi tí pàìpù gbà nínú ògiri sẹ́yìn ìwé tòun, torí lọ́jọ́ tí ẹni tó fẹ́ gbé àwòrán kọ́ bá mú ìṣó àti òòlù dé, ẹ̀yìn ìwé yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò.